"Ṣé O Ti Ń Rò Ó Láti Pa Ara Rẹ?": Ìbéèrè Tí Ẹ̀rù Rẹ̀ Ń Bà Wá

Abala 327 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní ìhà gúúsù Nàìjíríà sọ pé ẹni tó bá gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ tí kò kú, ẹ̀wọ̀n ọdún kan ló tọ́ sí i. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì amúnisìn ló gbé irú òfin yìí lé wa lọ́wọ́, àwọn fúnra wọn sì ti pa tiwọn rẹ́ láti ọdún 1961. Pakísítàánì, orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí, yọ ọ́ kúrò nínú òfin wọn ní ìparí ọdún 2022. Gánà ṣe tiwọn ní 2023. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ilé ẹjọ́ gíga ní Kẹ́ńyà dájọ́ pé irú òfin bẹ́ẹ̀ tako ìwé òfin ilẹ̀ wọn. Nílé níbí, ìpínlẹ̀ Èkó ti kọ ọ́ sínú òfin tirẹ̀ pé ilé ìwòsàn ni kí ilé ẹjọ́ dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí. Ìjọba àpapọ̀ náà gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 láti wá ọ̀nà tí a ó fi yọ ìjìyà náà kúrò pátápátá.

Mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ ìyá wa nínú ẹ̀sìn pé bí a bá pa òfin yìí rẹ́, ṣé kì í ṣe pé a sọ ohun tí Ọlọ́hun ṣe ní èèwọ̀ di ẹ̀tọ́ nìyẹn? Rárá. Àyá 29 nínú Súrátu Nísáì wà níbi tó wà, kò sí ìjọba tó lè yọ ọ́. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti dàrú tó bẹ́ẹ̀, ọgbà ẹ̀wọ̀n kì í ṣe ibi tí ara rẹ̀ ti máa yá. Ẹ sì jẹ́ kí a mọ ohun kan dájú: ẹni tó gbìyànjú ni òfin náà bá wí. Ẹni tó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tàbí fún dókítà pé èrò náà ń wá sí òun lọ́kàn kò rú òfin kankan, kí ìdílé má torí ọlọ́pàá pa á mọ́ra.

Ṣùgbọ́n kí a tilẹ̀ gbà pé wọ́n pa òfin náà rẹ́ lọ́la. Ìdákẹ́jẹ́ tó wà nínú ilé wa kò ní tán, nítorí pé kì í ṣe ọlọ́pàá nìkan là ń bẹ̀rù. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí ń bẹ̀rù jù ni pé bí àwọn bá la ẹnu bi ọmọ pé ṣé ó ń rò ó láti pa ara rẹ̀, àwọn ló máa kọ́ ọ ní ohun tí kò sí lọ́kàn rẹ̀. A kì í fẹ́ fi ẹnu ara wa pe ikú. Tí ọmọ bá tilẹ̀ fúnra rẹ̀ sọ pé ayé sú òun, "Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́! Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́!" ni ìdáhùn wa. Àdúrà ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ló máa ń tì mọ́ ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ìbẹ̀rù yìí, wọ́n ti dán an wò. Madelyn Gould àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 2,342 jọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama mẹ́fà ní ìpínlẹ̀ Niú Yọ́ọ̀kì. Wọ́n bi ìdá kan nínú wọn léèrè ní tààrà bóyá wọ́n ti ń rò ó láti pa ara wọn, wọn kò bi ìdá kejì. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì wọ́n padà yẹ gbogbo wọn wò. Àwọn tí wọ́n bi kò ní ìdààmú ju àwọn tí wọn kò bi lọ, èrò náà kò sì pọ̀ sí i lọ́kàn wọn. Àwọn tó ti ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tẹ́lẹ̀, àti àwọn tó ti gbìyànjú rẹ̀ rí, tí a ó rò pé àwọn ni ìbéèrè náà máa pa lára jù, àwọn gan-an ni ara wọn fúyẹ́ díẹ̀ ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí wọn kò bi lọ. Ọdún 2005 ni wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde. Ní 2014, àwọn kan ní Lọ́ńdọ̀nù kó irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ mẹ́tàlá jọ, ti àgbà àti ti ọmọdé, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó fi hàn pé ìbéèrè náà mú èrò ikú gbèrú.

Bí a bá rò ó dáadáa, kò yẹ kó yà wá lẹ́nu. Ẹni tí èrò yìí kò sí lọ́kàn rẹ̀ á sọ pé rárá, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Ẹni tó wà lọ́kàn rẹ̀ ti ń bá a jà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní òun nìkan, ó sì ti gbà pé bí ẹnikẹ́ni bá mọ̀, wọ́n á pe òun ní wèrè tàbí kèfèrí. Nígbà tí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ bá pe ọ̀rọ̀ náà lórúkọ láì sá, ìgbà yẹn ló máa mọ̀ pé ó ṣeé sọ.

Kí ni a ó rí kí a tó béèrè? Mo fẹ́ ya ohun méjì sọ́tọ̀, nítorí pé wọ́n máa ń dàrú mọ́ ara wọn. Àwọn ẹrù kan wà tí ènìyàn ti ń gbé bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́: àìsàn ọkàn, àìsàn ara tí kò lọ, ọtí tàbí oògùn líle, ikú irú èyí nínú ìdílé, àti ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ó ti gbìyànjú rẹ̀ rí. Àwọn wọ̀nyí ń sọ ẹni tó yẹ kí a máa fojú sí fún wa, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ọjọ́. Àmì ìkìlọ̀ yàtọ̀. Àmì ìkìlọ̀ ni ohun tó yí padà nísinsìnyí: ẹni tó ń sùn tẹ́lẹ̀ tí kò sùn mọ́, ẹni tó ń jẹun tí kò jẹ mọ́, ẹni tó ń pín ohun ìní rẹ̀, tó ń tọrọ àforíjì kiri láìnídìí, tó ń wá ohun tí yóò lò.

Ọ̀rọ̀ ẹnu náà wà níbẹ̀, Yorùbá sì mọ bí a ti ń fi ọ̀rọ̀ bo ọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó máa ń kọ́kọ́ sọ pé "mo fẹ́ kú." "Ó ti rẹ̀ mí" ló máa sọ, tàbí "ayé sú mi," tàbí "ẹ̀ ń bọ̀ wá sinmi lọ́wọ́ wàhálà mi." Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ẹ̀kẹta ló ń bà mí lẹ́rù jù. "Ayé sú mi" lè jẹ́ àárẹ̀ lásán, gbogbo wa la ti sọ ọ́ rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti gbà pé ìsinmi ló máa jẹ́ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ bí òun kò bá sí, ó ti rí ìdí tó lágbára lójú ara rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti kọ púpọ̀ lórí èrò pé "ẹrù ni mo jẹ́" yìí, wọ́n kà á sí ọ̀kan nínú àwọn èrò tó léwu jù.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kan ṣàlàyé ìyókù. Mo pa á pọ̀ láti ara ohun tí mo ti gbọ́ lẹ́nu ìdílé mélòó kan tó wá bá mi lẹ́yìn àsàlátù, mo sì yí àwọn ohun kan padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá ara rẹ̀ mọ̀.

Ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún 23, ń kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe fóònù ní Ìbàdàn. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ó yá owó lórí fóònù láti fi ra irinṣẹ́, èlé rẹ̀ gùn kọjá owó náà, kò rí i san. Àwọn tó yá a lówó wá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù rẹ̀ pé olè ni. Ó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, ó dé ọ̀dọ̀ ààfáà tó kọ́ ọ ní kéwú, ó dé ọ̀dọ̀ ìdílé ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́. A máa ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín, a sì máa ń sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ ọgbọ́n. Ẹ ronú wo bí yóò ti dún létí ọmọ yìí.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò sùn. Ó máa ń jókòó sí ojú fèrèsé títí ilẹ̀ fi máa ń mọ́. Ó dá irinṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ padà láì jẹ́ pé ọ̀gá béèrè. Ó kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ méjì pé kí wọ́n forí ji òun. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, máa tọ́jú Màmá. Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ Jímọ̀ kan dé: ó jí, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ funfun, ó lọ sí mọ́sálásí, ó padà wálé, ó rẹ́rìn-ín, ó jẹun. Màmá fóònù sí mi, ó ń sunkún ayọ̀ pé àdúà ti gbà.

Ó lè jẹ́ pé àdúà gbà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ti rẹ̀wẹ̀sì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá ṣàdédé balẹ̀ láàrin òru kan, tí gbèsè ṣì wà níbẹ̀, tí ẹ̀sín ṣì wà níbẹ̀, tí kò sí ohun kan tó yí padà lóde, ó yẹ kí a béèrè ohun tó yí padà nínú. Nígbà míì, ìpinnu ló fún un ní ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fura. Ó pè mí, mo sì sọ fún un pé alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni kó béèrè, kó má di ọ̀la.

Bí ó ti béèrè ṣe pàtàkì. Kò pe ìpàdé ẹbí. Ó dúró títí tí Màmá fi sùn, ó pa tẹlifíṣàn, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sọ pé "O ò sì ní èrò burúkú kankan lọ́kàn, àbí?" Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ti fi ìdáhùn sí ẹni náà lẹ́nu, "rárá" ló ń tọrọ. Ohun tó rí ló fi bẹ̀rẹ̀:

"Mo ti ń wò ẹ́ láti bí ọjọ́ mélòó kan. O ò sùn. O dá irinṣẹ́ ọ̀gá rẹ padà. O ní kí n máa tọ́jú Màmá. Tí ìtìjú bá pọ̀ tó báyìí lórí ènìyàn, ó máa ń ṣe ẹlòmíràn bíi kó sùn kó má jí mọ́. Ṣé ó ń ṣe ìwọ náà bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, kò sí nǹkan. Ẹ lọ sùn."

Kò dìde, kò sì sọ̀rọ̀. Ó tó ìṣẹ́jú kan.

"Ó ń ṣe mí bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́," ó ní.

"Ṣé o ti ń rò ó láti pa ara rẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Àwọn ìbéèrè tó tẹ̀lé e, kì í ṣe èmi ni mo hùmọ̀ wọn. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Kòlúńbíà ní Niú Yọ́ọ̀kì ló tò wọ́n, tí àwọn ilé ìwòsàn ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ sì ń lò wọ́n, ẹni tí kì í ṣe dókítà náà sì lè béèrè wọn. Mẹ́fà ni gbogbo wọn. Èkíní ni bóyá ó ń wù ú kó kú. Èkejì ni bóyá ó ti ń rò ó láti pa ara rẹ̀. Bí ó bá ní rárá sí èkejì, ẹ fo mẹ́ta tó tẹ̀lé e, ẹ lọ sí èkẹfà. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ béèrè bóyá ó ti ro ọ̀nà tó máa gbà, bóyá ó ń ṣe é bíi pé òun máa ṣe é lóòótọ́, àti bóyá ó ti ṣètò rẹ̀. Èkẹfà ni bóyá ó ti gbìyànjú rẹ̀ rí tàbí ó ti múra fún un, bí bẹ́ẹ̀ bá sì ni, bóyá ó wà láàrin oṣù mẹ́ta sẹ́yìn.

Ẹ kíyè sí i pé ìbéèrè àkọ́kọ́ àti èkejì kò jọ ara wọn. Kó máa wu ènìyàn láti kú kò tíì jẹ́ kó máa rò ó láti pa ara rẹ̀, àwa tí a ń ka Àlùkùránì sì yẹ kí a tètè mọ èyí. Nínú Súrátu Mọríyámọ̀, nígbà tí ìrora ìrọbí mú Mọríyámọ̀, obìnrin tí Ọlọ́hun ṣà lẹ́ṣà, ó wù ú pé kí òun ti kú ṣáájú ọjọ́ náà. Ànọ́bì wa pẹ̀lú, kí ikẹ́ Ọlọ́hun máa bá a, kọ́ wa pé kí á má tọrọ ikú nítorí ìnira, ó sì fún ẹni tó bá di dandan fún ní àdúà tó máa ṣe dípò rẹ̀. Kò ní sọ bẹ́ẹ̀ bí kò bá mọ̀ pé Mùsùlùmí òdodo lè dé ibẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ìbéèrè èkíní kì í ṣe aláìnígbàgbọ́. Ẹni tó nílò ìtọ́jú ni, kí a sì wá a ní dókítà láìpẹ́.

Ọmọkùnrin yìí kọjá ibẹ̀. Ó ti ro ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í pé, "Ṣé ó ń ṣe ẹ́ bíi pé wàá ṣe é, àbí èrò ló kàn ń wá tí o mọ̀ pé o ò ní ṣe é?" Ó ní, "Lánàá, ó kù díẹ̀." Ó ti gbé ohun tó fẹ́ lò pamọ́ sínú yàrá. Ní ọdún méjì sẹ́yìn pàápàá, ó ti gbìyànjú rẹ̀ nígbà tó kùnà nínú ìdánwò, kò sì sí ẹnì kan tó mọ̀ nílé.

Bí wọ́n ti ń ka ìdáhùn nìyí. Bẹ́ẹ̀ ni sí èkíní tàbí èkejì nìkan: kí oníṣègùn rí i láàrin ọjọ́ díẹ̀. Bí ó bá ti ro ọ̀nà, tàbí ó ti gbìyànjú rẹ̀ rí láyé rẹ̀, ewu náà ti ga sí i, kí dókítà rí i kíákíá. Bẹ́ẹ̀ ni sí ìkẹrin tàbí ìkarùn-ún, tàbí ó ti gbìyànjú tàbí ó ti múra láàrin oṣù mẹ́ta: kí a má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan fún ìṣẹ́jú kan, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Tirẹ̀ bọ́ sí ibi tó le jù.

Kí n tó sọ bí wọ́n ti gbé e lọ, ẹ jẹ́ kí n dúró lórí ohun tí a gbójú lé jù nínú ilé Mùsùlùmí. "Ó ń kírun, kò lè ṣe irú rẹ̀." "Ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ jù." Ìgbàgbọ́, ìdílé, ọmọ ẹni, iṣẹ́, ọ̀rẹ́: àwọn ohun tó ń di ènìyàn mú sáyé nìyí, òótọ́ sì ni pé wọ́n ń di ni mú. Àṣìṣe wa ni pé a ń ṣe ìṣirò. A ó ka àmì ìkìlọ̀ mẹ́rin, a ó ka ohun ìdìmú márùn-ún, a ó yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, a ó sì sọ pé kò séwu. Kò sí irú ìyọkúrò bẹ́ẹ̀. Ohun ìdìmú kì í pa àmì ìkìlọ̀ rẹ́. Àti pé, ojú ẹni tí inú rẹ̀ ti ṣókùnkùn ni a ó fi wò ó, kì í ṣe ojú tiwa.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í pé, "Kí ló dá ẹ dúró lánàá?" Ìbéèrè yìí kò sí nínú mẹ́fà yẹn, èmi ni mo ní kó fi kún un. Ó ní, "Màmá." Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tó tẹ̀lé e ni pé, "Àmọ́ mo ti di ẹrù lórí wọn. Tí mi ò bá sí, gbèsè náà á tán." Màmá tó ń dì í mú lánàá ti fẹ́ẹ̀ di ìdí tó fi fẹ́ lọ. Bí ẹ̀gbọ́n bá wá fèsì pé "Ṣé o fẹ́ pa Màmá ni?", ẹrù yẹn náà ló tún gbé lé e lórí. Ohun tó sọ ni pé, "Gbèsè kọ́ ni Màmá ń sunkún sí. Ìwọ ni wọ́n ń sunkún sí."

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá sọ pé "Ìbẹ̀rù Ọlọ́hun ni kò jẹ́ kí n ṣe é," okùn náà ṣì dì í mú. Ẹni tó bá sọ pé "Ọlọ́hun ò gbọ́ tèmi mọ́, mi ò rò pé ìrun mi ń gòkè," ohun ìdìmú ti já, ó ti di àmì ìkìlọ̀, bó tilẹ̀ ń kírun ní sáàfù àkọ́kọ́. Ọmọ yìí sọ èkejì. Èmi àti àwọn ààfáà ẹlẹgbẹ́ mi, níbí la ti máa ń ṣàṣìṣe. Kí ọ̀rọ̀ tó tán lẹ́nu ọmọ, a ti ń ka ìyà iná fún un. Ó ti mọ̀ ọ́n. Ilé kéwú ló ti jáde. Ẹni tó gbà pé Ọlọ́hun ti kọ òun sílẹ̀, tí ààfáà bá tún fi iná kí i káàbọ̀, á sọ pé "mo ti gbọ́," á sì pa ìyókù mọ́ra. Ọjọ́ míì wà fún wáàsí.

Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun fi Ọlọ́hun búra pé kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò búra. Ó ní, "Mi ò ní sọ fún ará àdúgbò, mi ò ní pariwo rẹ. Ṣùgbọ́n a máa sọ fún ẹni tó lè ràn wá lọ́wọ́, a jọ máa lọ ni." Àṣírí jẹ́ àmáánà lóòótọ́, ẹ̀mí sì jẹ́ àmáánà tó ju ú lọ.

Ọkọ rẹ̀ wọ yàrá lọ, ó kó ohun tí ọmọ náà gbé pamọ́ kúrò, ó kó oògùn kòkòrò àti àwọn oògùn tó kù nílé pẹ̀lú, ó gbé wọn jáde nínú ilé pátápátá. Wọn kò ní kí ọmọ náà lọ mú un wá fúnra rẹ̀. Ìgbésẹ̀ yìí jọ ohun kékeré, ṣùgbọ́n ìgbà tí èrò náà bá le jù kì í sábà pẹ́, bí ohun èlò kò bá sí nítòsí ní wákàtí yẹn, ó lè kọjá. Ìdí nìyí tí àjọ NAFDAC fi ká ọwọ́ títa ìgò kékeré oògùn apakòkòrò kan kò ní 2019, Sírílánkà sì ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí wọ́n ti ń fòfin de àwọn oògùn oko tó le jù láti ọdún sí ọdún, iye àwọn tó ń gba ẹ̀mí ara wọn níbẹ̀ já wálẹ̀ gidigidi.

Ní òru yẹn, wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì ní ilé ìwòsàn ńlá kan, àwọn méjì jókòó tì í. Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn bíi ti Ìbàdàn, Ifẹ̀, Ìlọrin àti Èkó ní àwọn dókítà ọkàn, bẹ́ẹ̀ náà ni ilé ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta àti ti Yábàá. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì ní Nàìjíríà. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Amẹ́ríkà lè pe 988, àwọn ti Ìlú Ọba 116 123. Ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ fẹ́ kí á lọ ṣe rúkíyà fún ọjọ́ méje. Mo ní kí wọ́n gbé Àlùkùránì dání lọ sí ilé ìwòsàn. Mi ò lòdì sí rúkíyà. Ohun tí mo lòdì sí ni kí á fi dá ọkọ̀ dúró.

Dókítà fún un ní oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì, wọ́n sì jọ kọ ètò kan sórí ìwé kan ṣoṣo. Barbara Stanley àti Gregory Brown ló gbé irú ètò yìí kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló ń sọ ohun tí wọ́n máa kọ. Àmì pé ó ń bọ̀: "bí mo bá jókòó sójú fèrèsé kọjá aago kan òru." Ohun tó lè dá ṣe: kó ṣe àlùwàlá, kó rìn yí àgbàlá ká. Ibi tó lè lọ tí ènìyàn wà. Ẹni tó lè sọ fún: ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nọ́ńbà ilé ìwòsàn. Ìlà tó kẹ́yìn jẹ́ ti ilé: kí oògùn kankan má sí níbẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n máa fún un ní tirẹ̀ lójoojúmọ́. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2018 lórí àwọn sójà àná tó dé ẹ̀ka pàjáwìrì ní Amẹ́ríkà, àwọn tó gba irú ètò yìí, tí wọ́n sì ń pè lórí fóònù lẹ́yìn náà, dín ní 45 nínú ọgọ́rùn-ún ní híhu ìwà ìpara-ẹni láàrin oṣù mẹ́fà, sí àwọn tí kò gbà á.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìbéèrè mẹ́fà yẹn máa ń sọ ọjọ́ iwájú. Ní 2017, àwọn onímọ̀ kó ìwádìí 365 tí a ṣe láàrin nǹkan bí àádọ́ta ọdún jọ. Wọ́n rí i pé bí a bá fi àwọn ẹrù àti àmì wọ̀nyí sọ tẹ́lẹ̀ ẹni tó máa kú, kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju kí a da owó ẹyọ sókè lọ. Láti 2022, ìlànà ìtọ́jú ní Ìlú Ọba sọ fún àwọn dókítà pé kí wọ́n má fi irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ sọ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n má sì fi pinnu ẹni tí wọ́n máa tọ́jú. Ẹni tó ní "rárá" lónìí lè má ti fọkàn tán yín tó. Ìdáhùn òní jẹ́ ti òní. Ohun tí ìbéèrè wà fún ni kí á mọ ohun tó yẹ kí á ṣe lálẹ́ yìí, kí á sì tún béèrè. Àwa oníròyìn náà jẹ̀bi díẹ̀ níbí: "gbèsè ló pa á" ni a máa ń kọ, bí ẹni pé okùnfà kan ṣoṣo ló wà, tí ìdílé tí kò ní gbèsè á sì rò pé kò kan àwọn.

Wọ́n bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n pín gbèsè náà sí oṣù mẹ́wàá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bi í ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà, láì fi bò. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ó tún bi í. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó tún wá ní òru ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn aago méjì. Ó ní òun yí àgbàlá ká, kò lọ, òun wá pe ọ̀rẹ́ òun, wọ́n ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ béèrè bó ti pẹ́ tó kó tó rọ̀ ọ́. Ó ní ó máa tó ogójì ìṣẹ́jú. Wọ́n mú ìwé náà, wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà ọ̀rẹ́ rẹ̀.